Bí a ṣe ń kọ ìkéde ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára kí ọmọ tó yẹ kó gbà á lè dé lásìkò

Ìkéde ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára tí mo kọ́kọ́ kọ láyé mi kò ju ìlà méjì lọ: "Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀la ni abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ kó gbogbo ọmọ yín tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wá." Mo fi ránṣẹ́ nírọ̀lẹ́, ọkàn mi sì balẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èrò kún ẹnu ọ̀nà. Àfi bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ káàdì wò: èyí tó pọ̀ nínú ọmọ tí wọ́n kó wá ló ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán. Àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án tí mò ń wò lọ́nà gan-an kò tó nǹkan. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, àwọn obìnrin kan tún pọn ọmọ wá, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Ẹnì kan ló fi ìkéde mi ránṣẹ́ sí wọn lálẹ́ àná. Wọ́n ka "ọ̀la", wọ́n sì gbà pé ọ̀la tiwọn ni.

Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ẹ̀bi ìyá kankan. Ohun tí mo ti wá mọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ni mo fẹ́ kọ síbí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera bíi tèmi. Bí ìyá bá ka ìkéde yín tán, kó gbé káàdì ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lè sọ fúnra rẹ̀ pé: ọmọ mi wà níbẹ̀, tàbí kò sí níbẹ̀.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun

Ẹ kọ́kọ́ lọ wo fíríìjì. Kì í ṣe gbogbo abẹ́rẹ́ la máa ń ní lọ́wọ́ nígbà gbogbo, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ọjọ́ la máa ń ṣí gbogbo rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ èéyi bá tán, tí ìkéde yín sì ní kí ọmọ oṣù mẹ́sàn-án wá, ìyá yẹn á rin ìrìn òfo, ó sì lè má padà wá mọ́. Torí náà, orúkọ abẹ́rẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni ẹ máa kọ sórí pépà kékeré kan. Láti inú pépà yẹn ni ìkéde á ti jáde.

Ọjọ́

Ẹ má kọ "ọ̀la", ẹ má kọ "ọ̀túnla", ẹ má sì kọ "Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀". Ìkéde orí fóònù kì í kú lọ́jọ́ tí a fi í ránṣẹ́, ó lè rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì. "Ọjọ́ mẹ́rin òní" náà burú, torí ẹlòmíràn á ka òní mọ́ ọn, ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la, ọjọ́ wọn kò sì ní bára mu. Ẹ kọ orúkọ ọjọ́, nọ́ńbà ọjọ́, orúkọ oṣù àti ọdún pa pọ̀: Ọjọ́bọ̀ (Tọ́sìdeè), ọjọ́ 12 oṣù Máàṣì, ọdún 2026. Kí ẹ kọ oṣù ní ọ̀rọ̀, ẹ má kọ 12/3, nítorí àwọn kan máa ń ka oṣù ṣáájú ọjọ́. Ọdún náà ṣe pàtàkì: ìkéde ọdún tó kọjá lè ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú.

Ta ni kó wá?

Ibí ni iṣẹ́ wà. Gbólóhùn "ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún" kò burú níbi tó ti wá. Ọ̀rọ̀ ìpolongo rọpárọsẹ̀ ni, níbi tí a ti ń kán oògùn sí gbogbo ọmọdé lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan sí i, yálà ó ti gbà tẹ́lẹ̀ tàbí kò tíì gbà. Ọjọ́ àjẹsára ti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí abẹ́rẹ́ kan yẹ fún lọ́jọ́ yẹn là ń pè.

Ètò tí mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ níbí ni èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò: ikọ́ ife ní kété tí a bá ti bí ọmọ, pẹ́ńtà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá àti ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, èéyi ní oṣù mẹ́sàn-án, kí a tún un gbà ní oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí tiyín bá yàtọ̀, tiyín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ kò yí padà.

Wàhálà tó wà nínú kíkọ "ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà" ni pé ìyá kì í ka ọjọ́ orí ọmọ ní ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá béèrè, á ní "oṣù kan àti díẹ̀." Ṣùgbọ́n ó mọ ọjọ́ tó bí i, ó sì wà lórí káàdì. Nítorí náà, ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe ìṣirò yẹn nílé, kí ẹ kọ ọjọ́ ìbí sínú ìkéde.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é pa pọ̀. Ọjọ́ kíníìkì wa ni Ọjọ́bọ̀, 12 Máàṣì 2026. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jẹ́ ọjọ́ 42. A óò ka ọjọ́ 42 sẹ́yìn. Bí a bá yọ ọjọ́ 12 ti Máàṣì, a dé ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù Fẹ́búárì, ó sì ku ọjọ́ 30. Fẹ́búárì 2026 ní ọjọ́ 28. Bí a bá yọ ọ́, a dé 31 Jánúárì, ó ku ọjọ́ 2. A fà á sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, ó di 29 Jánúárì 2026. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ yẹn tàbí ṣáájú rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọgbọ́n kan wà tí mo fi ń mọ̀ bóyá mo ṣì í kà: ọ̀sẹ̀ gbáko gbáko la kà, nítorí náà, bí kíníìkì bá jẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ìbí tí a dé gbọ́dọ̀ jẹ́ Ọjọ́bọ̀. 29 Jánúárì 2026 bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ lóòótọ́. Ká ní Ọjọ́rú ni kàlẹ́ńdà fi hàn mí ni, mà bá tún un kà.

Ti oṣù rọrùn jùyẹn lọ. Nọ́ńbà ọjọ́ kò yí padà, oṣù nìkan la ń fà sẹ́yìn. Oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú 12 Máàṣì 2026 ni 12 Júùnù 2025. Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú rẹ̀ ni 12 Disẹ́ńbà 2024.

Pẹ́ńtà kejì àti ìkẹta ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ọjọ́ ìbí nìkan kò tó fún wọn, torí abẹ́rẹ́ méjì kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ra ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, ìyẹn ọjọ́ 28. Ọjọ́ tí ọmọ gba ti tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n. Ọjọ́ 28 ṣáájú 12 Máàṣì 2026 ni 12 Fẹ́búárì. Ẹ wo ọmọ kan tí a bí ní 1 Jánúárì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rẹ̀ pé ní 12 Fẹ́búárì, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò ráyè, 19 Fẹ́búárì ló tó gbé e wá fún pẹ́ńtà àkọ́kọ́. Ní 12 Máàṣì, ọmọ náà á ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá bí a bá fi ọjọ́ ìbí ṣírò rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín, a kò lè fún un. 19 Máàṣì ni tirẹ̀. Tí ìkéde yín bá sọ pé "ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá", ìyá yìí á wá, yóò sì padà lọ́wọ́ òfo. Tí ẹ bá kọ "ọmọ tó gba pẹ́ńtà kẹ́yìn ní 12 Fẹ́búárì tàbí ṣáájú", á wo káàdì, á jókòó sílé rẹ̀.

Àwọn aláboyún náà wà, tí abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì bá wà nílẹ̀. Ìlà kan ti tó fún wọn. Ẹ kàn má kọ "aláboyún tó ti fẹ́ bímọ." Ẹni tí kò gbà á rí nílò ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, ìkejì sì gbọ́dọ̀ ti wọlé ní ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán ṣáájú ìbímọ. Bó bá yá ló dáa.

Aago

"Láti aago mẹ́sàn-án" kò tó. Gbogbo èèyàn á rò pé títí ilẹ̀ á fi ṣú ni. Bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ èéyi àti ti ikọ́ ife kò rí bíi ti pẹ́ńtà. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni wọ́n nínú ìgò, omi tí wọ́n ṣe fún wọn la sì máa ń fi po wọ́n. Láti ìgbà tí a bá ti pò wọ́n, wákàtí mẹ́fà péré ni wọ́n ní, tàbí títí iṣẹ́ ọjọ́ náà á fi parí. Èyí tó bá yá nínú méjèèjì ni a máa ń tẹ̀ lé, ìyókù di dídànù. Ìgò èéyi tí a sábà máa ń lò ń tó ọmọ mẹ́wàá. Bí ọmọ mẹ́sàn-án bá dé láàárọ̀, tí ẹnì kan ṣoṣo wá dé nígbà tí ìgò ti kọjá wákàtí rẹ̀, ìgò tuntun ni màá ṣí fún òun nìkan. Màá ṣí i o, n kì í dá ọmọ padà nítorí ìgò. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti kọ aago dáadáa, mi ò bá má bá ara mi níbẹ̀.

Ohun tí mo ń ṣe nísinsìnyí ni pé mo máa ń kọ aago méjì: ìgbà tí a ń bẹ̀rẹ̀, àti ìgbà tí ẹni tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ ti wọlé. N kì í kọ aago tí a ń pa ilẹ̀kùn dé, torí tí ẹ bá kọ "a ó parí ní aago kan", ẹnì kan á dé ní aago kan ku ìṣẹ́jú márùn-ún, a ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ pàápàá, ọmọ yẹ kó jókòó sọ́dọ̀ wa fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, ká lè rí i bí ara rẹ̀ bá kọ̀ ọ́. Mo máa ń fi ìyẹn náà sínú ìkéde, kí ẹni tó ń sáré lọ síbòmíràn lè mọ̀ ṣáájú.

Ohun tó ń dá ìyá dúró sílé

Ẹ fi ìlà mẹ́ta sílẹ̀ fún èyí, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkọ́kọ́ ni káàdì tó sọnù. Ojú máa ń ti àwọn ìyá, wọ́n máa ń bẹ̀rù pé a ó bú wọn, wọ́n á kúkú jókòó. Ẹ kọ ọ́ kedere pé kí wọ́n wá bẹ́ẹ̀. Ìkejì ni ọmọ tó ti pẹ́. Àwọn kan gbà pé nígbà tí ọjọ́ ti kọjá, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, tàbí pé a ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. A kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọmọ dé la ti ń bá a lọ. Ìkẹta ni òtútù: ikun imú tàbí ikọ́ díẹ̀ kò dí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná janjan, kí wọ́n gbé e wá kí a yẹ̀ ẹ́ wò, àwa la ó sọ bóyá yóò gbà á lónìí. Ọmọ tí abẹ́rẹ́ kan ti bá jà gan-an rí, tí ojú rẹ̀ wú tàbí tí èémí rẹ̀ há, kí ìyá rẹ̀ sọ fún wa kí a tó fa abẹ́rẹ́ sókè.

Ìkéde náà rèé

Gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀, bó ṣe rí nìyí nígbà tí mo kó o jọ:

*ỌJỌ́ ABẸ́RẸ́ ÀJẸSÁRA: ỌJỌ́BỌ̀ (TỌ́SÌDEÈ), 12 MÁÀṢÌ 2026*

*Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa. Ní ibùdó ìlera wa ni, yàrá àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún. A ó bẹ̀rẹ̀ ní aago 9 àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti wọlé kí aago 12:30 ọ̀sán tó lù.*

*Ẹ wo káàdì ọmọ yín. Ẹ gbé e wá bí ó bá jẹ́ pé:*
*– ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i, kò sì tíì gba abẹ́rẹ́ ikọ́ ife;*
*– ẹ bí i ní 29 Jánúárì 2026 tàbí ṣáájú, kò sì tíì gba pẹ́ńtà àkọ́kọ́;*
*– ó gba pẹ́ńtà kìíní tàbí ìkejì ní 12 Fẹ́búárì 2026 tàbí ṣáájú, ó sì ku òmíràn;*
*– ẹ bí i ní 12 Júùnù 2025 tàbí ṣáájú, kò sì tíì gba abẹ́rẹ́ èéyi;*
*– ẹ bí i ní 12 Disẹ́ńbà 2024 tàbí ṣáájú, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì ti gba ti èéyi.*
*Aláboyún tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, ẹ máa bọ̀.*

*Bí káàdì bá sọnù, ẹ wá bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ ọmọ ti kọjá, ẹ wá, ibi tó dé la ó ti bá a lọ. Òtútù díẹ̀ kò ní kí ọmọ má gbà á. Ẹ ó jókòó sọ́dọ̀ wa fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ẹ wọ aṣọ tí apá àti itan rẹ̀ rọrùn láti ká fún ọmọ.*

*Ìbéèrè: (orúkọ yín àti nọ́ńbà yín)*

Ẹ má gbàgbé nọ́ńbà yẹn. Ẹ lè rò pé wọ́n á ti rí i lókè, torí fóònù yín ni ìkéde ti wá. Nígbà tí wọ́n bá ti fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, nọ́ńbà ẹni tó fi ránṣẹ́ lẹni yẹn máa rí, kì í ṣe tiyín.

Ẹ má sì kọ orúkọ ọmọ kankan sínú ìkéde gbogbogbòò, pàápàá orúkọ àwọn tó pa ọjọ́ jẹ. Mo ti rí i tí ẹnì kan ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá náà kò wá, wọ́n tún yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò nínú fóònù wọn. Àwọn wọ̀nyẹn, ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fífi ránṣẹ́

Lórí Wọ́sáàpù, ìlà ìkéde tí a ń pè ní brọ́ọ́dìkáàsì kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù rẹ̀. Kò ní sọ fún yín pé kò dé. Nítorí náà, nígbà tí ìyá bá wá forúkọ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi nọ́ńbà yín pamọ́ lójú yín níbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ni.

Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán, èyí tí kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì, ní ìṣòro tirẹ̀ fún àwa tí a ń kọ Yorùbá. Ojú ewé kan rẹ̀ gba lẹ́tà 160. Ṣùgbọ́n bí "ẹ", "ọ" tàbí "ṣ" kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀, ó já wálẹ̀ sí 70. Ìkéde tí ẹ rò pé ẹyọ kan ni á di mẹ́ta, owó mẹ́ta ni wọ́n á yọ, ó sì lè dé ní ìdá ìdá. Níbí nìkan ni mo ti ń fi àmì sílẹ̀ láìkọ. Kì í ṣe gbogbo ìkéde ni mo ń fi ibẹ̀ ránṣẹ́, ìránnilétí alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà ni:

```
Abere ajesara omode: Tosde 12 Maasi 2026, 9 aaro si 12.30 osan, ibudo ilera wa. E mu kaadi omo dani. Ti kaadi ba sonu, e wa bee. E pe wa:
```

Àyè kù níbẹ̀ fún nọ́ńbà fóònù. Fún àwọn ìyá àgbà tó ń bá wa tọ́jú ọmọ, àti àwọn tí kì í kàwé, ẹ ka ìkéde gígùn yẹn sínú fóònù, kí ẹ fi ohùn ránṣẹ́. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì pe ọjọ́ ìbí kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣẹ́jú méjì kò gbọ́dọ̀ kọjá.

Mo máa ń fi ti gígùn ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbàgbé. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan, ẹni tó níṣẹ́ kò ní rí ààyè gbà.

Bí nǹkan bá yí padà, bóyá abẹ́rẹ́ kò dé tàbí fíríìjì bàjẹ́, ẹ má pa ìkéde àkọ́kọ́ rẹ́ kí ẹ dákẹ́. Ó ti wà lórí fóònù àwọn tí ẹ kò mọ̀. Ẹ fi òmíràn ránṣẹ́ tí àkọlé rẹ̀ jọ ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́, kí "A TI SÚN UN" wà níwájú, kí ọjọ́ tuntun tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá rí méjèèjì á mọ èyí tó borí.

Lọ́jọ́ kíníìkì gan-an, mo máa ń fa ìlà méjì sí ẹ̀yìn ìwé ìforúkọsílẹ̀. Ní ìlà kan, mo máa ń sàmì sí ọmọ tó wá tí kò sí abẹ́rẹ́ kankan tó yẹ fún un. Ní ìlà kejì, ẹni tó dé lẹ́yìn 12:30. Bí àmì bá pọ̀ ní ìlà àkọ́kọ́, ọjọ́ ìbí tí mo kọ ló dàrú, mo sì ń bi ìyá kọ̀ọ̀kan pé kó fi ìlà tó kà hàn mí. Nígbà kan, gbogbo wọn tọ́ka sí ìlà èéyi kan náà: "ṣáájú" nìkan ni mo kọ, mi ò kọ "kò sì tíì gbà". Ọmọ ọdún mẹ́rin náà ni a bí ṣáájú. Láti ọjọ́ yẹn ni ìdajì gbólóhùn yẹn ti wà nínú gbogbo ìkéde mi.